Ọjọ́-orí Ayé

Ọjọ́-orí Ayé ni iye ọdún tí ó ti kọjá láti ìgbà tí ayé ti dá sílẹ̀. Iye tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì gbà lónìí jẹ́ nǹkan bí ọdún bílíọ̀nù 4.54. Òkúta tí ó já bọ́ láti ojú ọ̀run ni ó fi ìdí iye yìí múlẹ̀ ju òkúta ayé fúnra rẹ̀ lọ.

Átọ̀mù yùréníọ̀mù kì í wà bákan náà títí láé. Ó ń jẹrà díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi di òjé. Ìdajì yùréníọ̀mù-238 ń di òjé-206 láàárín ọdún bílíọ̀nù 4.47, nígbà tí ìdajì yùréníọ̀mù-235 ń di òjé-207 láàárín ọdún mílíọ̀nù 704 péré. Ooru inú ilẹ̀ kò mú ìjẹrà yìí yá, kò sì fà á sẹ́yìn. Òjé-204 ní tirẹ̀ kò ti inú yùréníọ̀mù wá, nítorí náà iye rẹ̀ kì í pọ̀ sí i, òun ni a sì fi ń díwọ̀n àwọn méjì yòókù.

Òkúta ayé nìkan kò tó fún ìṣirò náà, nítorí pé ilẹ̀ ń yọ́, ó sì ń di ọ̀tun. Èyí tí ó pẹ́ jù nínú àwọn òkúta tí a mọ̀ dáadáa, tí ó wà ní Kánádà, jẹ́ ọdún bílíọ̀nù 4 àti díẹ̀. Àwọn hóró síkọ́nì láti Ọsirélíà tó ọdún bílíọ̀nù 4.4. Ayé kò lè kéré sí ohun tí ó wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò sọ bí ó ti dàgbà tó gan-an.

Ní ọdún 1956, Clair Patterson, ará Amẹ́ríkà, tẹ iṣẹ́ rẹ̀ lórí òkúta ojú ọ̀run márùn-ún jáde. Irin Canyon Diablo, tí ó já sí Arisónà, ní èròjà kan tí yùréníọ̀mù fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí nínú rẹ̀ rárá. Òjé inú rẹ̀ kò tíì yí padà láti ìbẹ̀rẹ̀: fún òjé-204 kan, òjé-206 jẹ́ 9.46, òjé-207 sì jẹ́ 10.34. Nínú òkúta Nuevo Laredo láti Mẹ́síkò, tí ó ní yùréníọ̀mù, iye méjèèjì jẹ́ 50.28 àti 34.86. Bí a bá yọ ti àkọ́kọ́ kúrò, ohun tí ìjẹrà fi kún un ni 40.82 àti 24.52. Bí a bá fi 40.82 pín 24.52, a óò rí nǹkan bí 0.6. Ìpín yìí kò sinmi lé bí yùréníọ̀mù inú òkúta ti pọ̀ tó, bí kò ṣe lé àkókò nìkan, nítorí pé yùréníọ̀mù méjèèjì kì í jẹrà ní ìwọ̀n kan náà. Patterson rí ọdún bílíọ̀nù 4.55, pẹ̀lú àlàfo mílíọ̀nù 70 sókè tàbí sísàlẹ̀.

Àwọn òkúta yòókù bọ́ sórí ìlà kan náà. Òjé inú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun pẹ̀lú bọ́ síbẹ̀, èyí sì ni ẹ̀rí pé ohun kan náà ni a fi dá ayé àti àwọn òkúta wọ̀nyí. Òkúta tí ó bá ti pàdánù òjé tàbí yùréníọ̀mù ní àìpẹ́ kì í tìtorí bẹ́ẹ̀ yà kúrò lórí ìlà.

Ewu tí ó tóbi jù ni òjé inú afẹ́fẹ́, omi àti ohun èlò yàrá ìwádìí. Patterson máa ń rí òjé tí ó ju èyí tí ó yẹ kí ó wà nínú òkúta lọ, títí tí ó fi fọ gbogbo ohun èlò rẹ̀ pẹ̀lú ásíìdì tí ó sì dí ọ̀nà eruku. Láti ibẹ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí bá òjé inú epo pẹtiróòlù jà.

Àwọn hóró tí ó kọ́kọ́ dì nínú òkúta ojú ọ̀run ni a ti wọ̀n sí ọdún bílíọ̀nù 4.567. Ayé kò kóra jọ ní ọjọ́ kan. Ó gbà á ní ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún lẹ́yìn wọn.