Ш tàbí С? Bí Orúkọ Yorùbá Ṣe Ń Wọ Fọ́ọ̀mù Rọ́ṣíà

Àwọn ará Rọ́ṣíà mọ ọmọ Yorùbá olókìkí méjì dáadáa. Ọ̀kan ni Wọlé Ṣóyíinká, tó gba ẹ̀bùn Nobẹ́ẹ̀lì ní 1986. Èkejì ni Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, ààrẹ wa tẹ́lẹ̀. Orúkọ àwọn méjèèjì ní ṣ nínú. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí àwọn ará Rọ́ṣíà ṣe ń kọ wọ́n:

Воле Шойинка
Олусегун Обасанджо

Ш ni «ṣ» wọn, С sì ni «s». Ṣóyíinká rí Ш tirẹ̀ gbà, àmọ́ Olúṣẹ́gun di «Olúsẹ́gun». Kí ló fà á? Etí ni wọ́n fi kọ ti àkọ́kọ́, bí a ṣe ń pè é gan-an. Ojú ni wọ́n fi kọ ìkejì: wọ́n wo «Olusegun» nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì pààrọ̀ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan.

Nítorí náà, kì í ṣe Mọ́síkò ni àmì abẹ́ lẹ́tà wa ti sọnù. Ilé ló ti sọnù. Láti ìpàdé Èkó ti 1875 tí wọ́n ti fẹnu kò lórí bí a ó ṣe máa kọ Yorùbá ni ṣ, ẹ àti ọ ti fìdí múlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ṣí pásípọ́ọ̀tù yín, kí ẹ wo ìlà méjì tó wà nísàlẹ̀ ojú ewé fọ́tò, èyí tí ẹ̀rọ ń kà. A títí dé Z, nọ́ńbà, àti àmì < nìkan ló ń gbà. Àwọn ìlú wa kan bọ́ nínú wàhálà yìí nítorí pé àwọn òyìnbó ti fi «sh» kọ wọ́n tipẹ́. Oshogbo di Ошогбо láìsí ìjà.

Ọ̀rọ̀ yìí kò kan àwọn olókìkí nìkan. Ní 1960, ọdún òmìnira wa, ni ìjọba Sófíẹ̀tì dá yunifásítì kan sílẹ̀ ní Mọ́síkò fún àwọn ọmọ Áfíríkà, Éṣíà àti Látìn Amẹ́ríkà. Láti ìgbà náà ni àwọn ọmọ wa ti ń lọ kàwé níbẹ̀, tí akọ̀wé kan sì ń pinnu Ш tàbí С fún wọn.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan ṣe é. Ká ní ọmọ Ajue kan, lẹ́bàá Ọ̀rẹ̀, ń jẹ́ Ṣọlá Adéwálé. Ohun tó wà nínú pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ ni:

ADEWALE SOLA, AJUE

Rọ́ṣíà kò ní «w», nítorí náà В, ìyẹn «v», ló gba ipò rẹ̀: Адевале. Lẹ́tà méjì ni wọ́n fi ń kọ «j» wa, Дж: Аджуэ. Tí ẹ bá rí Ажуе tàbí Айуе, ẹni tó kọ ọ́ fi «j» èdè mìíràn kà á. Ó wá ku Sola. Bí Ṣọlá kò bá la ẹnu, Сола ni yóò jẹ́. Bó bá sọ̀rọ̀, Шола ni.

О kan náà ni o àti ọ máa lò, kò sí bí a ṣe lè yà wọ́n. Ẹ má sì ṣe da àmì ohùn lé lẹ́tà Rọ́ṣíà. Nínú ìwé wọn, àmì òkè bíi ti «á» ń sọ ibi tí a ó ti tẹ ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀, kì í ṣe ohùn. Ṣ nìkan ni àmì abẹ́ tí lẹ́tà wọn lè gbé láìlábùkù.

Ibi tó ti le jù ni ìpadàbọ̀. Ká ní Ṣọlá bímọ síbẹ̀, ọmọ náà sì di ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà. Nígbà tí wọ́n bá ń ṣe pásípọ́ọ̀tù ìrìnnà fún un, láti inú lẹ́tà Rọ́ṣíà ni wọn yóò ti yí orúkọ padà sí ABD: В di V, Дж di DZH. Bàbá ń jẹ́ ADEWALE, ọmọ ń jẹ́ ADEVALE. Ní pápákọ̀ òfuurufú, ta ni yóò gbà pé bàbá kan náà ni? Òbí lè kọ̀wé béèrè pé kí wọ́n fi orúkọ sílẹ̀ bó ṣe wà nínú ìwé òun, kó sì fi ìwé náà ṣe ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ ló yẹ kó ṣe é.

Físà Rọ́ṣíà máa ń gbé orúkọ jáde ní lẹ́tà méjèèjì, torí náà ìwé tí wọ́n fi béèrè físà ni ibi tó yẹ kí ẹ ti sọ pé Ш ni. Bí físà bá ti jáde pẹ̀lú Сола, tí ìforúkọsílẹ̀ ilé ìwé sì tẹ̀ lé e, ẹ fi í bẹ́ẹ̀. Ìwé ẹ̀rí tó sọ Шола àti físà tó sọ Сола yóò dà bí ìwé ẹni méjì, àlàyé rẹ̀ yóò sì gùn ju orúkọ náà lọ.

Kí ni orúkọ tiyín yóò jẹ́? Ẹ kọ ọ́ síbí, ká jọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ó dìgbà o.