Àjẹsílẹ̀ Ìsinmi: Orúkọ Tó Yẹ Owó Ẹni Tó Fiṣẹ́ Sílẹ̀

Ẹni tó bá fiṣẹ́ sílẹ̀ ní Bìrìtéènì láìlo ìsinmi rẹ̀ tán ní owó kan láti gbà lọ́wọ́ agbanisíṣẹ́ rẹ̀. Òfin àkókò iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní 1998 ló fún un lẹ́tọ̀ọ́ yìí. Tí a bá ní ká pe owó náà ní Yorùbá, ohun tó kọ́kọ́ ń wá sẹ́nu ni “owó líífù” tàbí “owó ìsinmi tó ṣẹ́kù”. Lójú tèmi, orúkọ méjèèjì ló ń ṣini lọ́nà. “Owó líífù” ti ní ohun tó ń jẹ́ ẹ tẹ́lẹ̀: lẹ́nu òṣìṣẹ́ ìjọba ní Nàìjíríà, òun ni àjẹmọ́nú tí wọ́n ń fún ẹni tó ń lọ sinmi, tó sì ń padà bọ̀ wá síbi iṣẹ́. Èyí tí à ń wí yìí, ẹni tí kò padà bọ̀ mọ́ ló ni ín.

“Tó ṣẹ́kù” ló tún léwu jù, nítorí ìṣirò tó yàtọ̀ ló ń fi sí ọkàn ẹni. Ẹ jẹ́ ká mú òṣìṣẹ́ kan tó ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, tó sì ń gba 600 pọ́n-ùn lọ́sẹ̀. Ọdún ìsinmi rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù kìíní 2025. Ọjọ́ 28 ló tọ́ sí i fún odidi ọdún, ọlidé ìjọba wà nínú rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ parí ní ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún, ó sì ti lo ọjọ́ 6. Tó bá gbọ́ “ìsinmi tó ṣẹ́kù”, á yọ 6 kúrò nínú 28, á sì máa retí owó ọjọ́ 22. Òfin kò kà á bẹ́ẹ̀. Ìlànà rẹ̀ ni (A × B) − C: A ni ìsinmi odidi ọdún, B ni ìpín tó ti kọjá nínú ọdún náà kí iṣẹ́ tó parí, C ni ìsinmi tí a ti lò. Ọjọ́ 151 nínú 365 ló ti kọjá. Tí a bá sọ 28 di púpọ̀ lọ́nà 151, tí a sì fi 365 pín in, 11.58 ló ń jẹ́. Yọ 6 kúrò, ó ku 5.58. Ìsinmi oṣù méje tí kò ní bá wọn ṣiṣẹ́ kò sí nínú ohun tí wọ́n jẹ ẹ́.

Ọ̀rọ̀ tí mo fara mọ́ wà lẹ́nu wa tẹ́lẹ̀. Bí ìjọba kò bá san owó oṣù fún iṣẹ́ tí a ti ṣe, “àjẹsílẹ̀ owó oṣù” la ń pè é. Kò sẹ́ni tó ń fi ọ̀rọ̀ yẹn pe owó oṣù tí kò tíì ṣiṣẹ́ fún. Nítorí náà, “àjẹsílẹ̀ ìsinmi” bá ìṣirò náà mu: ìsinmi tí iṣẹ́ àṣekọjá ti sọ di tẹni, tí wọn kò tíì fúnni.

Ẹnì kan lè ní àjẹsílẹ̀ dún bí ẹ̀sùn, bẹ́ẹ̀ agbanisíṣẹ́ kò ṣẹ̀. Òótọ́ ni pé a sábà máa ń fi ìbínú pè é, ṣùgbọ́n gbèsè kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ títí ọjọ́ sísan rẹ̀ yóò fi kọjá. Ẹlòmíràn á ní, bó bá jẹ́ gbèsè, kí ló dé tí a kò lè gba owó rẹ̀ nígbà tí a ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́? Ìdí ni pé ìsinmi ni wọ́n jẹ, kì í ṣe owó. Ìgbà tí iṣẹ́ bá parí, tí kò sí ọjọ́ tí a lè fi sinmi mọ́, ló tó di owó. Orúkọ náà ṣì bá a mu tí ọ̀rọ̀ bá yí padà: ẹni tó ti lo ọjọ́ 14 nígbà tí 11.58 péré tọ́ sí i ló jẹ agbanisíṣẹ́, àmọ́ wọn kò lè yọ ọ́ nínú owó rẹ̀ láìjẹ́ pé ó wà nínú àdéhùn.

Ó ku ọ̀rọ̀ kékeré kan tó ń jẹ owó mọ́ni lọ́wọ́: “ọjọ́”. Ọjọ́ orí kàlẹ́ńdà la fi wọn B. Ọjọ́ iṣẹ́ ni 5.58 tó jáde. Nítorí náà, 600 pín sí márùn-ún, 120 pọ́n-ùn lọ́jọ́ kan, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 669.60 pọ́n-ùn. Bí akọ̀wé owó bá pín in sí méje, nǹkan bí 478 ni òṣìṣẹ́ náà máa rí. Bákan náà, “ọjọ́ tó fiṣẹ́ sílẹ̀” lè jẹ́ ọjọ́ tó kọ̀wé tàbí ọjọ́ tí iṣẹ́ parí. Èyí tó kẹ́yìn ni B ń kà dé, nítorí ìsinmi ń wọlé títí àkókò ìfitónilétí yóò fi pé. Ẹ̀yin tí ẹ ń túmọ̀ ìwé àdéhùn iṣẹ́, ẹ má fi “ọjọ́” sílẹ̀ lásán: ẹ kọ “ọjọ́ iṣẹ́”, ẹ kọ “ọjọ́ tí iṣẹ́ parí”. Nǹkan bí 191 pọ́n-ùn ni ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn ná òṣìṣẹ́ wa yìí.