Agbè Kò Fọ́: Lórí Lẹ́tà sí Ìyá Tí Àkọ́bí Rẹ̀ Kú

Àwọn àgbà ní, "Omi ló dànù, agbè kò fọ́." Ìtumọ̀ rẹ̀ kò ju pé bí omi bá dànù tí agbè ṣì wà lódindi, a ó tún padà sódò lọ pọn òmíràn. Ìyá ni agbè, ọmọ ni omi.

Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa kì í bi ara wa ni pé irú ọmọ wo ni òwe yìí ń bá wí. Ìkókó ni. Oyún tó bàjẹ́ ni, tàbí ọmọ tí wọ́n bí tí kò pẹ́ kó tó padà. Láyé àtijọ́, tí irú ikú bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀, ìyá tó bá là á já kò ní í pẹ́ tún gbé oyún mìíràn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kí i pé agbè kò fọ́. Àwọn orúkọ tí wọ́n ń sọ àbíkú wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ kan náà: Málọmọ́, Dúrósinmi, Kòsọ́kọ́. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì rinlẹ̀ láyé ni wọ́n ń bẹ̀ pé kó dúró. Kò sí orúkọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ ọdún 34 tó ti gbéyàwó, tó ń sanwó ilé, tó sì ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru fún ìyá rẹ̀ lóṣooṣù. Ìyẹn kì í ṣe omi tí ẹnikẹ́ni lè tún lọ pọn.

Síbẹ̀, etí mi báyìí ni mo fi gbọ́ òwe náà ní pálọ̀ ọ̀rẹ́ mi ní Ailegun, àdúgbò wa. Ọmọ ọdún 66 ni ọ̀rẹ́ mi. Ọmọkùnrin rẹ̀ ọlọ́dún 34, àkọ́bí, ṣàìsàn ọjọ́ mẹ́fà péré, ó kú. Obìnrin kan tó wá kí i ni ó sọ ọ́, tó sì sọ ọ́ tinútinú. Ọ̀rẹ́ mi dáhùn pé, "Ẹ ṣeun," ó sì yíjú sí ògiri. Ọjọ́ náà ni mo pinnu pé n kò ní í sọ̀rọ̀ púpọ̀ níbẹ̀. N ó kọ lẹ́tà.

Àkókò ni mo kọ́kọ́ rò. Ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ilé ọlọ́fọ̀ kún fọ́fọ́: ìjọ ń wọlé, àdúgbò ń jáde, àga onírọ́bà kò tó. Lẹ́yìn ogójì ọjọ́, kò sẹ́ni tó ń kan ilẹ̀kùn mọ́. Ìgbà yẹn ni ìwé níṣẹ́. Mo sì yan bébà dípò Wọ́ọ̀sáàpù, nítorí ẹni tí wọ́n bá fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí lórí fóònù mọ̀ pé wọ́n rí i pé òun ti kà á, èsì a sì di gbèsè lọ́rùn rẹ̀. Bébà lè wà lábẹ́ ìrọ̀rí títí di ìgbà tó bá wu olúwa rẹ̀.

Mo mú bíró, mo sì há síbi ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́. Kí ni n ó pè é?

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí, nítorí àwa Yorùbá ni ọ̀rọ̀ yìí kàn gan-an. Orúkọ ọmọ ni a fi ń pe òbí láwùjọ. Láti ọdún 34 sẹ́yìn, Ìyá Lágbájá ni gbogbo Ailegun ń pe ọ̀rẹ́ mi (Lágbájá ni mo fi rọ́pò orúkọ ọmọ náà, nítorí kì í ṣe tèmi láti tẹ̀ jáde). Orúkọ náà ni wọ́n kọ sára páálí tó gbé kọ́ sí iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan tí ọmọ kú tí àwọn ènìyàn fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ àbúrò rẹ̀ obìnrin pè é. Àánú ló ń ṣe wọ́n. Wọn kò fẹ́ kí orúkọ òkú dún létí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí wọ́n ṣe láìmọ̀: wọ́n fi ọmọ kan dípò èkejì, bí ẹní yí páálí padà. Ìfiwéra ni èyí náà jẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí "bíi ti" nínú rẹ̀.

N kò gbọ́dọ̀ dá a rò nìkan. Mo pe àbúrò ọmọ náà lórí fóònù, mo bi í pé, "Kí lẹ ń pe màmá yín nínú ilé báyìí?" Ó ní, "Orúkọ tó ń jẹ́ tẹ́lẹ̀ ni o, mà. Òun fúnra rẹ̀ sọ pé òun kò pààrọ̀ orúkọ." Ọ̀nà là. Ká ní ó sọ pé ìyá kò lè gbọ́ orúkọ náà sétí mọ́ ni, orúkọ tí a jọ ń pera wa nílé ìwé ni n bá lò. Ilé ọlọ́fọ̀ ló ń pinnu èyí, kì í ṣe ẹni tó ń kọ̀wé.

Ìkíni ló tẹ̀ lé e. "Ẹ kú àṣẹ̀yìndè" ni ó wà lẹ́nu gbogbo wa, a sì ń lò ó fún gbogbo òkú. Ẹni tó yẹ kó kù lẹ́yìn ni ìkíni yẹn yẹ, ìyẹn ọmọ tó sin òbí. Òbí tí ọmọ ṣáájú rẹ̀ lọ kò sí ní ipò yẹn. Nílẹ̀ wa, òbí kì í tẹ̀ lé òkú ọmọ rẹ̀ dé ibojì, ọ̀pọ̀ ìdílé kì í tilẹ̀ jẹ́ kó mọ ojú oórì náà. Nítorí náà, n kò béèrè ìsìnkú, n kò sì kọ àṣẹ̀yìndè. "Kú ìrọ́jú, kú ará fẹ́ra kù" ni mo kọ.

Wàyí o, ìwé àkọ́kọ́ tí mo kọ kún ojú ewé méjì, mo sì fà á ya. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Mo ti kọ ọ́ pé kó rántí Màmá H.I.D. Awólọ́wọ̀, tí ọmọ rẹ̀ Ṣẹ́gun, agbẹjọ́rò, kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ ní oṣù Keje ọdún 1963 nígbà tí ọkọ rẹ̀ ń jẹ́jọ́ ọ̀tẹ̀ sí ìjọba lọ́wọ́, tí màmá sì tún lo ọdún 52 láyé lẹ́yìn rẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ kí ọ̀rẹ́ mi fi ṣe? Ìfaradà ẹlòmíràn a máa di òṣùwọ̀n: bí kò bá lè ṣe tó, á dà bí ẹni pé ó kùnà. Yàtọ̀ sí ìyẹn, a kò bá màmá náà sùn lóru ọdún 1963. Ohun tí a rí láàárọ̀ la ń ròyìn.

Mo tún ti kọ nípa Jóòbù. Àwọn tó ń fi Jóòbù tu èèyàn nínú sábà máa ń gbàgbé pé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jókòó tì í nílẹ̀ ní ọ̀sán méje àti òru méje láìsọ̀rọ̀. Ìgbà tí wọ́n la ẹnu ni wọ́n ṣìnà, Ọlọ́run sì bá wọn wí. Bákan náà ni "má sunkún mọ́" tí àwọn kan fi ń ṣe ẹ̀sìn: Ànábì fúnra rẹ̀ sunkún nígbà tí Ibrahim ọmọ rẹ̀ kú.

Ìfiwéra tó le jù lọ ni ti àdúgbò wa. Ailegun kò jìnnà sí Òkè-Afá. Ní alẹ́ ọjọ́ 27 oṣù Kìíní ọdún 2002, tí bọ́ǹbù ń bú ní bárékè Ìkẹjà, ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń sá àsálà, pàápàá ìyá àti ọmọ, kó sínú kánáàlì Òkè-Afá nínú òkùnkùn, omi sì pa wọ́n. Àwọn òbí wá ọmọ wọn kiri fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Títí di òní, ẹnìkan á wọ ilé ọlọ́fọ̀ lọ́dọ̀ wa, á ní, "Ìwọ tiẹ̀ rí òkú sin. Àwọn ti Òkè-Afá ńkọ́? Ọmọ kú yá ju ọmọ nù lọ."

Ibí ni ìyàtọ̀ tí mo fẹ́ fà yọ wà. Òótọ́ ni òwe ọmọ kú àti ọmọ nù, ṣùgbọ́n ta ló ni ín? Ẹni tí ọmọ rẹ̀ kú ló lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ ọ́. Ó di ìtùnú lẹ́nu rẹ̀ nítorí òun ló ń gbé ẹrù náà. Lẹ́nu àlejò, ọ̀rọ̀ kan náà ń sọ fún un pé ẹrù rẹ̀ fúyẹ́. Ọ̀rọ̀ ọlọ́fọ̀ yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ abánikẹ́dùn, bó tilẹ̀ jẹ́ gbólóhùn kan náà. Àwa tí a ń sọ pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, àwa náà la tún ń sọ pé "ṣebí ó ṣì ku méjì."

Ìmọ̀ràn náà ní èékánná. Mo ti kọ pé kó máa jẹun, kó má dá wà, kó tètè yanjú ọ̀rọ̀ ìyàwó ọmọ àti ilẹ̀ tí ọmọ rà. Àgbà ọmọ kì í kú kó má fi irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, gbogbo àlejò ló sì ní èrò lórí rẹ̀. Mo pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. "Ohunkóhun tí o bá fẹ́, pè mí" náà, mo pa á rẹ́, torí iṣẹ́ ni ó ń yàn fún un: kó ronú ohun tó fẹ́, kó sì tọrọ rẹ̀. Dípò ìyẹn, mo sọ ohun tí èmi yóò ṣe, mo dá ọjọ́ sí i.

Kí ló wá kù láti kọ? Ohun tí ojú mi rí nípa ọmọ náà, tí ìyá rẹ̀ lè má mọ̀. Ẹ wo lẹ́tà náà:

"Ìyá Lágbájá, kú ìrọ́jú, kú ará fẹ́ra kù. Lágbájá wá tún wáyà pálọ̀ mi ṣe lọ́jọ́ tí òjò wọlé sí wa. Aago mẹ́wàá alẹ́ ni. Ó bọ́ bàtà sí ẹnu ọ̀nà kí ẹrọ̀fọ̀ má baà ba kápẹ́ẹ̀tì jẹ́. Ó kọ owó, ó ní, 'Mà, ẹ ti fún mi ní ìrẹsì jẹ nígbà tí mo wà ní kékeré.' Téèpù dúdú tó fi wé wáyà náà ṣì wà lára ògiri mi, mo ń wò ó bí mo ṣe ń kọ èyí. Ọmọ rẹ dùn mí. N kò retí èsì. Ní Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́rin, n ó gbé ẹ̀fọ́ rírò wá. Bí kò bá wù ọ́ láti rí èèyàn, n ó gbé e fún wọn lẹ́nu géètì, n ó padà sílé."

Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. N kò fi àdúrà pé irú rẹ̀ kò ní í ṣẹlẹ̀ mọ́ parí rẹ̀, torí èyí tó ṣẹlẹ̀ ló ń dùn ún.

Ní Ọjọ́bọ̀, ó ní kí n wọlé. A jókòó pẹ́. Ó béèrè bóyá téèpù náà kò tíì ṣí kúrò. Mo ní kò ṣí. Nígbà tó yá, ó ní, "Ọmọ kú yá ju ọmọ nù lọ." Òun ló ni ọ̀rọ̀ náà. "Hẹn" nìkan ni mo fi dáhùn.

Òwe tí mo fi bẹ̀rẹ̀ wá ńkọ́? Bí a bá tilẹ̀ fẹ́ lò ó fún un, omi kọ́ ni apá àlejò nínú rẹ̀, agbè ni. Mo gba àwo lọ́wọ́ rẹ̀, mo bu ẹ̀fọ́ sí i.