Àmì gílóòbù tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù: iná wo ló kú níta ọkọ̀ yín?

Ẹ ṣáná sí mọ́tò láàárọ̀, àmì kékeré kan tó dà bíi gílóòbù sì yọ lójú dáṣíbọ́ọ̀dù ní àwọ̀ yẹ́lò. Ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ tan iná, ẹ yí ọkọ̀ po. Iwájú ń tàn, ẹ̀yìn ń tàn. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ á ní mọ́tò ń purọ́ ni, wọ́n á sì gba ọ̀nà Orù lọ. Ṣùgbọ́n mọ́tò lè má purọ́ o. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ iná bíréékì ló kú.

Kọ̀ńpútà inú ọkọ̀ ò lójú tó fi ń wo iná. Ohun tó ń wò ni bí iná bátìrì ṣe ń gba inú gílóòbù kọjá. Gílóòbù bíréékì oní-21 wáàtì lórí bátìrì 12 fóòtì máa ń fa nǹkan bíi ámúpù kan àti ààbọ̀ sí méjì. Tí wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ inú rẹ̀ bá já, kò fa nǹkan kan mọ́, àmì á sì tàn. Kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ ló ní àmì yìí, èyí tó ní in pàápàá lè má sọ iná tó jẹ́.

Ìdí tí iná ẹ̀yìn fi lè tàn kí bíréékì sì kú ni pé nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, gílóòbù kan ló ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì. Wọ́n máa ń kọ P21/5W sí irú rẹ̀ lára. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ló wà nínú rẹ̀: ti 5 wáàtì fún iná alẹ́, ti 21 wáàtì fún bíréékì. Ọ̀kan lè já kí ìkejì wà níbẹ̀.

Bí ẹ ṣe máa wá a rèé. Ẹ fi ẹ̀yìn ọkọ̀ sún mọ́ ògiri nírọ̀lẹ́, kí ẹ tẹ bíréékì, kí ẹ wo dígí: ó yẹ kí pupa méjì hàn lára ògiri. Ẹ fi rìfáàsì sí i, ẹ tún wò ó. Lẹ́yìn náà, ẹ kọjú ọkọ̀ sí ògiri fún iná iwájú, ti ìsàlẹ̀ àti fúlù. Tí tráfíkétà bá ń ṣẹ́jú wàràwàrà ju tàtẹ̀yìnwá lọ, gílóòbù kan ti kú lápá ibẹ̀. Ẹ má gbàgbé iná kékeré tó wà lórí nọ́ńbà ọkọ̀.

Ká ní bíréékì apá òsì ni kò tàn. Kẹ́ ẹ tó ra tuntun, ẹ pa iná, ẹ jẹ́ kí gílóòbù tutù, kẹ́ ẹ gbé ti ọ̀tún sí òsì. Tí òsì bá tàn, gílóòbù ló kú. Tí kò bá tàn síbẹ̀, ẹ wo ojú ibi tí gílóòbù jókòó sí bóyá ó ti dípẹtà, tàbí kí rìwáyà yẹ wáyà wò. Tí iná bíréékì méjèèjì bá kú pọ̀, ẹ kọ́kọ́ wo fíùsì àti súwíìṣì tó wà lókè pẹ́dà bíréékì.

Ìgbà kan wà tí àmì yìí máa ń ṣini lọ́nà lóòótọ́: tẹ́ ẹ bá ti fi gílóòbù tí wọ́n kọ LED sí lára páálí rẹ̀ rọ́pò ti tẹ́lẹ̀. Iná tó ń fà kéré púpọ̀, kọ̀ńpútà á rò pé ó ti kú.

Kí ló wá burú nínú kéèyàn máa wà á lọ bẹ́ẹ̀? Tí ọkọ̀ bá ń sá 80 kìlómítà ní wákàtí kan, mítà 22 ló ń lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tí ọkọ̀ gẹdú bá wà lẹ́yìn yín, tẹ́ ẹ sì tẹ bíréékì nítorí kòtò, ìṣẹ́jú àáyá kan tí awakọ̀ rẹ̀ fi ṣiyèméjì ti tó láti gbé e dé ẹ̀yìn ọkọ̀ yín, ẹrù tó sì rù kò ní jẹ́ kó tètè dúró. Tó bá jẹ́ iná iwájú kan ló kú, ẹni tó ń bọ̀ níwájú lè rò pé ọ̀kadà ni yín, kó máa bọ̀ lójú ibi tí ara ọkọ̀ yín wà. Èyí burú jù tó bá jẹ́ ti apá òsì, ìyẹn apá ibi tí awakọ̀ jókòó sí. Àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, pẹ̀lú ka iná tí kò ṣiṣẹ́ mọ́ ẹ̀ṣẹ̀ ìrìnnà.

Tí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ rọra wà á dé ọ̀dọ̀ rìwáyà tó sún mọ́ yín. Tó bá ti ń ṣú, tí iná iwájú tàbí ti bíréékì sì ti kú, ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ sùn síbi tó wà.