Fọ́nrán tó dá wàhálà sílẹ̀ ní Àbíjàn: Báwo ni àwọn tó ń yẹ ohun orí ayélujára wò ṣe lè dájọ́ kan náà látàárọ̀ dalẹ́ láì ṣe ọkàn wọn léṣe?

Lọ́jọ́ 19, oṣù Karùn-ún, ọdún 2021, àwọn ọ̀dọ́ kan tú sí ìgboro ní àwọn àdúgbò kan ní ìlú Àbíjàn, lórílẹ̀-èdè Kódífúà, wọ́n sì ń kọlu àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè Nìjẹ̀ tó ń ṣòwò níbẹ̀. Wọ́n ba ṣọ́ọ̀bù jẹ́, wọ́n kó ọjà, ó kéré tán, ẹ̀mí ẹnì kan sì bá a lọ.

Fọ́nrán kan ló dá a sílẹ̀. Wọ́n ní ó ń ṣàfihàn bí wọ́n ṣe ń fìyà jẹ àwọn ọmọ Kódífúà ní Nìjẹ̀. Àwọn aláṣẹ ní Àbíjàn padà kéde pé kò rí bẹ́ẹ̀: fọ́nrán náà ti pẹ́, Nàìjíríà ni wọ́n sì ti ya á.

Bí àwọn èèyàn bá fi ẹjọ́ irú fọ́nrán bẹ́ẹ̀ sun iléeṣẹ́ tó ni ojú òpó ìkànsíraẹni, ó máa ń bọ́ sórí ìlà iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ tó ń yẹ ohun orí ayélujára wò. Àwọn ni yóò pinnu bóyá kó dúró, kó kúrò, kí wọ́n fi ìkìlọ̀ bò ó, tàbí kí wọ́n gbé e fún ọ̀gá. Ìṣòro méjì ló dojú kọ wọn: kí ìdájọ́ aago mẹ́jọ àárọ̀ má yàtọ̀ sí ti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kí ohun tí wọ́n ń wò má sì ba ọkàn wọn jẹ́. Ìlànà kan náà ló ń ran méjèèjì lọ́wọ́: kí òṣìṣẹ́ má ṣe wo ju ohun tí ìpinnu rẹ̀ nílò lọ.

Ọ̀rọ̀ ṣáájú, àwòrán tẹ̀lé e

Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ ni láti ka ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án àti ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ mọ́ ọn, kí òṣìṣẹ́ tó fọwọ́ kan fọ́nrán fúnra rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, inú ọ̀rọ̀ yẹn ni ìdáhùn wà.

Bí kò bá sí níbẹ̀, kí ó wo àwọn àwòrán kéékèèké tó dúró fún fọ́nrán náà, ní dúdú àti funfun, pẹ̀lú ohùn ní pípa. Àwọ̀ ẹ̀jẹ̀ àti igbe ẹni tó ń jẹ̀rora wà lára ohun tó máa ń lẹ̀ mọ́ ọkàn jù, bẹ́ẹ̀ ìpinnu kì í sábà nílò wọn. Ìgbà tí èdè tí wọ́n ń sọ nínú rẹ̀ bá máa yí ìdájọ́ padà nìkan ló yẹ kó tan ohùn. Bí ó bá sì ti rí ohun tó tako òfin ojú òpó náà, kí ó dúró níbẹ̀. Wíwo fọ́nrán náà dópin kò ní fi kún ẹ̀rí.

Fọ́nrán kan, ìpinnu mẹ́ta

Ẹ jẹ́ ká fi fọ́nrán Àbíjàn ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ó dé orí ìlà lẹ́ẹ̀mẹta láàárín wákàtí kan.

Ní ti àkọ́kọ́, ẹni tó gbé e jáde kọ ọ́ pé kí àwọn èèyàn lọ bá àwọn ará Nìjẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù wọn. Ìpè sí ìkọlù nìyẹn. Kó kúrò ni. Òṣìṣẹ́ kò tilẹ̀ nílò láti wo fọ́nrán náà rárá.

Ní ti ìkejì, ẹni tó gbé e jáde ń kìlọ̀ pé fọ́nrán àtijọ́ ni, kí aráàlú fọkàn balẹ̀. Àwòrán kan náà ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí wọ́n rán an yàtọ̀. Èyí lè dúró, kí ìkìlọ̀ bo àwòrán ìwà ipá inú rẹ̀.

Ìkẹta kò ní ọ̀rọ̀ kankan, àfi àmì ojú tó ń sunkún. Òṣìṣẹ́ kò lè mọ̀ láti orí àga rẹ̀ ibi tí wọ́n ti ya á, kò sì yẹ kó méfò. Kí ó gbé e fún ọ̀gá pẹ̀lú àlàyé kúkúrú pé fọ́nrán yìí ti wọlé lẹ́ẹ̀mẹta láàárín wákàtí kan, pé ọ̀kan nínú wọn ń pe ìkọlù. Àlàyé yẹn lè jẹ́ àmì àkọ́kọ́ pé wàhálà ń bọ̀ nígboro.

Lẹ́yìn èyí, kí wọ́n jẹ́ kí kọ̀ǹpútà gba ìtẹ̀ka fọ́nrán náà, ìyẹn àmì kan tí yóò fi dá ẹ̀dà rẹ̀ mọ̀, kí ẹlòmíràn má baà tún bá a pàdé láì mọ ohun tó jẹ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gé etí àwòrán náà tàbí tí wọ́n yí i sódì, ìtẹ̀ka lè má dá a mọ̀. Bí wọ́n bá sì jẹ́ kó máa dá ìpinnu ṣe, yóò pa ìkìlọ̀ ẹnì kejì rẹ́ mọ́ ìpè sí ìkọlù. Iṣẹ́ ìtẹ̀ka ni láti kó àwọn ẹ̀dà jọ. Ọ̀rọ̀ tó bá wọn rìn ni ìdájọ́ ń wò.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ pé ìdájọ́ ti ń yẹ̀?

Àárẹ̀ kì í kéde ara rẹ̀. Ọ̀kan lára àmì rẹ̀ ni kí òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ gbogbo ohun tó bá rí, tàbí kó jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ dúró, kí ọwọ́ rẹ̀ sì máa yá ju ti àárọ̀ lọ.

Ọ̀nà tí wọ́n fi ń mú un ni kí ọ̀gá dá díẹ̀ lára iṣẹ́ àárọ̀ padà sórí ìlà nírọ̀lẹ́ láì sọ fún òṣìṣẹ́. Bí ìpinnu méjèèjì bá yàtọ̀, wọn yóò wo ìdí tó kọ sílẹ̀ nígbà méjèèjì. Ìdí náà kò gbọ́dọ̀ ju gbólóhùn kan lọ, ó sì gbọ́dọ̀ dárúkọ apá òfin tó dúró lé. Bí ó bá jẹ́ pé òun nìkan ló ṣìnà, ìsinmi ló nílò. Bí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ bá ṣìnà níbi kan náà, òfin ni kò yé èèyàn, òun ni kí wọ́n tún kọ.

Lẹ́yìn fọ́nrán tó burú

Kò yẹ kí òṣìṣẹ́ ti orí fọ́nrán ikú bọ́ sórí òmíràn. Lọ́dún 2009, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Yunifásítì Ọ́sífọ́ọ̀dù fi fíìmù tó ń bani lẹ́rù han àwọn èèyàn. Ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn rẹ̀, àwọn kan ta géèmù Tẹ́tírìsì fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, àwọn yòókù sì jókòó lásán. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, fíìmù náà kò padà wá sọ́kàn àwọn tó ta géèmù tó bó ṣe ń padà sọ́kàn àwọn tó jókòó. Àlàyé wọn ni pé títo àwòrán géèmù ń bá àwòrán burúkú du àyè kan náà nínú ọpọlọ. Kì í ṣe oògùn, ṣùgbọ́n ó sàn ju kéèyàn máa yí ojú òpó mìíràn wò lórí fóònù rẹ̀ nígbà ìsinmi.

Ibi tí agbára òṣìṣẹ́ mọ

Lóṣù Karùn-ún, ọdún 2020, Fesibúùkù gbà láti san mílíọ̀nù 52 dọ́là láti parí ẹjọ́ tí àwọn tó ṣe iṣẹ́ yìí ní Amẹ́ríkà pè é. Lára àdéhùn náà ni pé kí irinṣẹ́ wọn máa pa ohùn fọ́nrán fúnra rẹ̀, kó sì lè sọ ọ́ di dúdú àti funfun. Ní Nàìróbì, lórílẹ̀-èdè Kẹ́ńyà, ìwé tí wọ́n gbé lọ sílé ẹjọ́ lọ́dún 2024 fi hàn pé dókítà rí àìsàn ọpọlọ tí ìpayà ń fà lára àwọn tó lé ní 140 nínú àwọn tó ti ṣe iṣẹ́ náà fún Fesibúùkù níbẹ̀. Iye iṣẹ́ òòjọ́, àsìkò ìsinmi àti irinṣẹ́ wà lọ́wọ́ agbanisíṣẹ́.

Ohun tó kù sọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ni kó mọ ìgbà tó yẹ kó wá ìrànwọ́. Bí àwòrán ibi iṣẹ́ bá ń wọnú oorun rẹ̀, tó ń sá fún ohun tó lè rán an létí rẹ̀, tí ọkàn rẹ̀ sì ń já sí ariwo kékeré fún ohun tó ju oṣù kan lọ, ó ti kọjá àárẹ̀. Dókítà ló yẹ kó rí. Fún ẹni tó wà ní Àbíjàn, ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba wà ní Binjẹfíìlì, ní ẹ̀yìn ìlú náà.