Ìpè Fídíò: Ìmọ́lẹ̀, Ipò Kámẹ́rà àti Ètò Rẹ̀

Tí ẹ bá ń pe ilé lórí fídíò láti Peckham, ọ̀rọ̀ tí ẹ óò kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́yìn ìkíni lè jẹ́ "Mi ò rí ojú rẹ o!" Ẹ̀yin ń rí màmá àgbà kedere. Àwọn kò rí ju òjìji orí kan lọ níwájú fèrèsé funfun. Ọ̀pọ̀ ènìyàn á dá nẹ́tíwọ̀kì lẹ́bi, àwọn mìíràn á lọ ra kámẹ́rà tuntun. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí èyí tó jẹ̀bi nínú méjèèjì. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wá ni ẹ ní láti kọ́kọ́ wò.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Kámẹ́rà tó wà lórí kọ̀ǹpútà máa ń wọn ìmọ́lẹ̀ gbogbo àwòrán pọ̀, á wá ṣe é kí àròpín rẹ̀ bọ́ sí àárín dúdú àti funfun. Tí fèrèsé tó ń tàn bá gba ìdajì àwòrán, kámẹ́rà á rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á sì dín gbogbo rẹ̀ kù, títí kan ojú yín. Àwọn kámẹ́rà kan wà tó ń wá ojú ènìyàn kí wọ́n tó wọn ìmọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n fèrèsé ńlá lè borí àwọn náà. Ẹni tí awọ rẹ̀ dúdú ló máa ń jìyà jù, torí pé ìyàtọ̀ tó wà láàárín ojú rẹ̀ àti fèrèsé ló pọ̀ jù. Ògiri funfun lẹ́yìn ènìyàn pàápàá lè ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò burú tó ti fèrèsé.

(Ọ̀rọ̀ yìí ní ìtàn. Nígbà tí fọ́tò ṣì ń jáde láti inú fíìmù, káàdì tí ilé iṣẹ́ Kodak fi ń ran àwọn tó ń fọ fọ́tò lọ́wọ́ láti mọ àwọ̀ tó tọ́ ní àwòrán obìnrin aláwọ̀ funfun kan lórí. "Shirley" ni wọ́n ń pe káàdì náà. Lára ohun tó mú kí wọ́n tún fíìmù wọn ṣe ni ẹjọ́ àwọn tó ń ta ṣokoléètì àti àga onígi, tí wọ́n ní àwọ̀ ọjà àwọn kò hàn dáadáa.)

Ẹ jẹ́ ká mú yàrá kan ní ẹ̀gbẹ́ pápá Peckham Rye, nínú irú àwọn ilé tó so mọ́ra tí wọ́n ti kọ́ láti ayé Ọbabìnrin Fitóríà. Fèrèsé ńlá kan wà níwájú pálọ̀. Wọ́n gbé tábìlì sí àárín, ẹni tó ń pe ilé sì kọ ẹ̀yìn sí fèrèsé, nítorí pé ibẹ̀ ni ihò iná wà. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni, nínú oṣù Kejìlá.

Àtúnṣe àkọ́kọ́ kò ná yín ní kọ́bọ̀: ẹ yí àga padà. Ẹ jókòó kí ojú yín kọ sí fèrèsé, kí kọ̀ǹpútà wà láàárín ẹ̀yin àti fèrèsé, ní nǹkan bíi mítà kan sí i. Lẹ́yìn náà, ẹ yí ara yín díẹ̀ sí apá kan, kí ìmọ́lẹ̀ lè kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan ju èkejì lọ. Òjìji díẹ̀ yẹn ló ń jẹ́ kí imú àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ yọ. Tí ìmọ́lẹ̀ bá dọ́gba pátápátá, ojú á tẹ́ pẹrẹsẹ bí àwo. Tí oòrùn bá ń wọlé tààrà, ẹ ta aṣọ fèrèsé funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ohun tó kù lẹ́yìn yín báyìí ni ògiri. Bí ó bá funfun, ẹ fi aṣọ àdìrẹ kọ́ ọ, tàbí kí ẹ jókòó síbi tí pákó ìwé yóò ti wà lẹ́yìn yín.

Wàhálà kejì ni pé ọjọ́ kúrú. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá, oòrùn máa ń wọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù kí aago mẹ́rin tó lù. Aago márùn-ún kò tíì lù ní Ìbàdàn nígbà yẹn, oòrùn ṣì wà lójú ọ̀run, ó sì ṣeé ṣe kí màmá àgbà jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí wọ́n máa wo fóònù nínú ìmọ́lẹ̀ ìta. Nínú ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀, ojú fóònù á ṣókùnkùn sí ojú wọn, àwòrán tó bá ti dúdú tẹ́lẹ̀ á sì pòórá. Ohun tí ẹ rí lórí kọ̀ǹpútà tiyín nínú pálọ̀ kọ́ ni ohun tí wọ́n ń rí.

Nítorí náà ẹ nílò àtùpà. Iná òkè àjà nìkan kò tó: ó ń tàn láti òkè wá, ó sì ń fi òjìji sí inú kòtò ojú. Ẹ gbé àtùpà tábìlì sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà, kí ó ga ju ojú yín lọ díẹ̀. Gílóòbù tí wọ́n kọ 806 lm sí lára páálí rẹ̀, èyí tó dọ́gba pẹ̀lú gílóòbù 60 W àtijọ́, ti tó fún ènìyàn kan. Ẹ má kọ ojú àtùpà náà sí ara yín tààrà. Awọ dúdú máa ń dán, iná kékeré tó ń tàn yòò á sì fi àmì funfun kan sí iwájú orí yín, nígbà tí ìyókù ojú ṣì dúdú. Ẹ kọ ojú àtùpà sí ògiri funfun tó wà níwájú yín, kí ìmọ́lẹ̀ kọ́kọ́ kan ògiri kí ó tó padà sí yín. Ògiri náà á di iná ńlá kan tó tutù, dídán awọ yín á sì tàn ká ojú, kò ní dúró sójú kan. Bí gílóòbù yín bá pọ́n bí iná àbẹ́là (2700 K), ẹ ti aṣọ fèrèsé pa kí ẹ tó tàn án. Ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán máa ń funfun ju ìyẹn lọ, tí méjèèjì bá sì pàdé lójú yín, apá kan á pọ́n, apá kejì á rí bí aró, kámẹ́rà kò sì ní mọ èyí tí yóò tún ṣe.

Ohun kan wà tí àwọn ìwé ìtọ́ni kì í sọ, torí pé wọn kò kọ ọ́ fún ilé wa. Ẹ óò kí màmá àgbà. Bí ẹ bá fẹ́ kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ dọ̀bálẹ̀ kí wọ́n sì rí i, ẹ ní láti sún sẹ́yìn. Tí àtùpà bá ń tàn sí yín tààrà ní 60 cm, tí ẹ wá sún sẹ́yìn dé 1.8 m, ẹ ti jìnnà sí i ní ìlọ́po mẹ́ta, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ tó ń kàn yín kò dín kù sí ìdá mẹ́ta: ìdá kan nínú mẹ́sàn-án ló kù. Wọn á rí i pé ẹ dìde, ẹ̀yin á sì wọ inú òkùnkùn. Ẹ tan iná òkè àjà mọ́ ọn fún ìkíni, kí ẹ sì dẹ ojú kọ̀ǹpútà sílẹ̀ díẹ̀ kí ilẹ̀ lè wọ inú àwòrán.

Ní ti ipò kámẹ́rà, ẹ gbé kọ̀ǹpútà lé orí ìwé títí kámẹ́rà yóò fi bá ojú yín dọ́gba. Kámẹ́rà tó wà nísàlẹ̀ ń fi ihò imú àti iná òkè àjà hàn (iná yẹn náà á tún da ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ rú), ó sì ń mú kí ẹ dà bí ẹni tó ń wo àgbà láti òkè wá. Lójú tèmi, ìyẹn nìkan tó láti wá ìwé nípọnnípọn kan. Ẹ fi bí apá kan jìnnà sí kámẹ́rà. Tí ẹ bá súnmọ́ ọn jù, imú á tóbi ju etí lọ. Tó bá jẹ́ fóònù ni, ẹ fi aṣọ rírọ̀ nu ojú kámẹ́rà rẹ̀. Òróró ọwọ́ ló sábà máa ń fa kùrukùru tó ń yí iná ká nínú àwòrán.

Ìgbà tí ìmọ́lẹ̀ bá ti dára ni kí ẹ tó fọwọ́ kan ètò kámẹ́rà. Nínú òkùnkùn, kámẹ́rà máa ń ṣe nǹkan méjì. Ó ń pẹ́ kí ó tó pa ojú dé lórí àwòrán kọ̀ọ̀kan, nítorí náà àwòrán 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kan lè já wálẹ̀ sí 15, ọwọ́ tí ẹ ń jù á sì fà bí èéfín. Ó tún ń fi agbára mú àwòrán mọ́lẹ̀, àmì wínníwínní bí iyanrìn á sì kún inú rẹ̀. Iyanrìn yẹn ń yí padà nínú gbogbo àwòrán, nítorí náà ó ṣòro láti fún pọ̀ kí wọ́n tó fi ránṣẹ́. Nígbà tí nẹ́tíwọ̀kì kò bá lágbára, ojú yín á dé Ìbàdàn ní ègé onígun mẹ́rin. Ìdí nìyẹn tí àtùpà kan fi lè tún ohun tí ẹ pè ní àléébù nẹ́tíwọ̀kì ṣe.

Lórí Zoom, ẹ lọ sí "Settings", kí ẹ tẹ "Video", kí ẹ wá "Adjust for low light". Ẹ yí i sí "Manual" kí ẹ sún un díẹ̀ díẹ̀. Tí iyanrìn bá ti yọ, ẹ dá a padà. Bí ilà dúdú bá ń rìn gba ojú àwòrán kọjá lábẹ́ iná, ẹ wá "PowerLine Frequency" nínú ètò kámẹ́rà, kí ẹ yàn 50 Hz. Iná ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti Nàìjíríà jẹ́ 50 Hz, ti Amẹ́ríkà jẹ́ 60 Hz, àwọn kámẹ́rà mìíràn sì máa ń dé pẹ̀lú ètò ti Amẹ́ríkà.

Àwòrán ara yín tí ẹ ń rí lórí kọ̀ǹpútà kò tíì gba orí nẹ́tíwọ̀kì kọjá, nítorí náà kò lè jẹ́ ẹ̀rí. Ẹ sọ fún ẹnì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ màmá àgbà pé kí ó ya àwòrán ojú fóònù wọn, kí ó fi ránṣẹ́ sí yín. Ẹ wo ẹnu yín nínú rẹ̀. Bí ẹ bá rí ètè àti eyín yàtọ̀ sí ara wọn, ìmọ́lẹ̀ tó. Bí ẹ kò bá rí wọn, ẹ sún àtùpà mọ́ ògiri sí i, kí ẹ tún ní kí wọ́n ya òmíràn. Àgbà tí etí rẹ̀ kò gbọ́ dáadáa mọ́ máa ń wo ẹnu láti mọ ọ̀rọ̀, pàápàá ọ̀rọ̀ ọmọ tó ṣì ń kọ́ ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀.