Àjèjì àti Gbajúmọ̀ Lójú Àlá: Ohun Tí Wọ́n Lè Dúró Fún

Àlá jẹ́ ti alálàá nìkan, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹbí, ọ̀rẹ́ àti aládùúgbò rẹ̀ nìkan ni ó máa ń rí níbẹ̀. Oríṣi ènìyàn méjì mìíràn wọ́pọ̀ lójú àlá. Èkíní ni àjèjì, ẹni tí alálàá rí ṣùgbọ́n tí kò mọ̀. Èkejì ni gbajúmọ̀, ẹni tí alálàá mọ orúkọ àti ìrísí rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n tí àwọn méjèèjì kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ rí. Àwọn onímọ̀ tí ó ti yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò máa ń kọ́kọ́ bèèrè ipò tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ wà sí alálàá nínú àlá náà, kí wọ́n tó bèèrè ojú ẹni tí ó jẹ́.

Bí àjèjì ti pọ̀ tó

Ní ọdún 1966, Calvin Hall àti Robert Van de Castle, onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, gbé ìlànà kan jáde fún kíka àwọn ohun tí ó wà nínú àlá. Wọ́n lo àlá 1,000 tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga kọ sílẹ̀, ìdajì láti ọ̀dọ̀ ọkùnrin, ìdajì láti ọ̀dọ̀ obìnrin. Nínú àwọn ènìyàn tí ó wà nínú àlá àwọn ọkùnrin, nǹkan bí 45 nínú 100 ni alálàá mọ̀. Nínú ti àwọn obìnrin, ó tó 58 nínú 100. Èyí fi hàn pé àwọn tí a kò mọ̀ kì í ṣe ohun abàmì lójú àlá.

Kókó méjì nínú ìlànà yìí wúlò fún ọ̀rọ̀ wa. Àwọn onímọ̀ náà ka gbajúmọ̀ mọ́ àwọn tí alálàá mọ̀, nítorí pé ó ní ìtàn kan tí alálàá ti gbọ́ nípa rẹ̀. Wọ́n sì ka ọlọ́pàá, dókítà tàbí olùkọ́ tí kò ní orúkọ mọ́ àwọn tí a kò mọ̀. Irú àjèjì bẹ́ẹ̀ kò ṣófo: iṣẹ́ rẹ̀ ni alálàá fi dá a mọ̀, àṣẹ tàbí ìrànlọ́wọ́ tí ó bá iṣẹ́ náà rìn sì ni ó gbé wọ inú àlá.

Ojú tí a pa pọ̀

Sigmund Freud, oníṣègùn ìlú Vienna, fi àlá ara rẹ̀ ti ọdún 1897 ṣàlàyé ọ̀nà mìíràn tí ojú tí kò ṣe é dá mọ̀ fi ń wáyé. Nínú àlá náà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan di arákùnrin bàbá rẹ̀. Ojú tí ó rí kì í ṣe ti ọ̀rẹ́ náà gan-an, kì í sì í ṣe ti arákùnrin bàbá rẹ̀ pátápátá: ó gùn díẹ̀, irùngbọ̀n rẹ̀ sì pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Freud fi í wé àwòrán tí ayàwòrán tẹ̀ lé orí ara wọn títí ohun tí àwọn ojú náà fi jọra fi hàn gbangba, tí ìyàtọ̀ wọn sì parẹ́. Nítorí náà, àjèjì lè jẹ́ ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta tí alálàá mọ̀ dáadáa, tí ohun kan pa wọ́n pọ̀ lọ́kàn rẹ̀. Ní ti ọba àti ayaba, Freud sọ pé òbí alálàá ni wọ́n sábà máa ń dúró fún.

Carl Jung fi ọ̀nà mìíràn kún èyí. Lójú tirẹ̀, ẹni tí a rí lójú àlá lè dúró fún apá kan lára alálàá fúnra rẹ̀, pàápàá apá tí kò fẹ́ gbà pé òun ní.

Àlá olówó ilé-iṣẹ́ kan

Charlotte Beradt, akọ̀ròyìn kan ní ìlú Berlin, kó àlá àwọn ará Jámánì jọ láti ọdún 1933 títí ó fi sá kúrò ní ìlú náà ní ọdún 1939. Kò sí ẹni tí ó lè sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ní gbangba nígbà náà. Ó fi àwọn ìwé náà pamọ́ sínú èèpo ẹ̀yìn ìwé mìíràn, ó sì yí orúkọ àwọn aláṣẹ padà sí ti ẹbí, bí ẹni pé arákùnrin bàbá tàbí ti ìyá ni wọ́n. Ìwé tí ó fi wọ́n ṣe jáde ní ọdún 1966.

Àlá kan níbẹ̀ jẹ́ ti àgbàlagbà kan tí ó ni ilé-iṣẹ́. Ó lá a ní ọjọ́ kẹta tí Hitler gba ìjọba. Goebbels, olórí ìpolongo ẹgbẹ́ Hitler, wá bẹ ilé-iṣẹ́ náà wò. Àwọn òṣìṣẹ́ tò lọ́wọ́ ọ̀tún àti lọ́wọ́ òsì, ọ̀gá wọn sì ní láti na apá sókè láàárín wọn kí ó fi kí àlejò náà. Odidi ìdajì wákàtí ni ó fi ń gbé apá náà díẹ̀díẹ̀. Goebbels ń wò ó bí ẹni ń wo eré. Nígbà tí apá náà gòkè tán, ó sọ fún un pé òun kò fẹ́ ìkíni rẹ̀, ó sì yí ẹ̀yìn padà. Ọ̀gá náà dúró síbẹ̀ pẹ̀lú apá nínà. Ohun kan ṣoṣo tí kò jẹ́ kí ó ṣubú ni pé ó tẹjú mọ́ ẹsẹ̀ Goebbels tí ó lábùkù, bí ó ti ń tiro lọ. Àlá yìí tún padà wá bá a lẹ́yìn ìgbà náà.

Bí a bá bèèrè ipò, Goebbels ni àṣẹ tuntun tí ó wọ ibi tí alálàá ti jẹ́ ọ̀gá. Bí a bá bèèrè ìṣe, ó béèrè ìtẹríba, ó sì kọ̀ ọ́ nígbà tí ó rí i gbà. Bí a bá bèèrè ohun tí alálàá mọ̀ lára, ìtìjú ni, nítorí àwọn òṣìṣẹ́ tí ó ń bọ̀wọ̀ fún un ń wò ó. Ọ̀gá ológun tí kò lórúkọ ìbá lè ṣe gbogbo èyí. Ohun tí orúkọ Goebbels fi kún un ni ẹsẹ̀ tí gbogbo ayé mọ̀: ẹni tí ó ń fi ara pípé ṣe ìgbéraga ní àbùkù lára, ibẹ̀ nìkan sì ni ojú alálàá rí ìsinmi. Ìdí nìyí tí gbajúmọ̀ fi ń wúlò fún àlá: ó ń bọ̀ pẹ̀lú ìtàn tí kò nílò àlàyé.

Ààlà ìtumọ̀

Ìtumọ̀ gbajúmọ̀ kan kò lè jẹ́ ọ̀kan náà fún gbogbo ènìyàn. Bí ẹni méjì bá lá àlá pé àwọn rí ààrẹ kan náà, ọ̀kan lè rí bàbá tí ó le, èkejì lè rí ẹni tí ó já òun kulẹ̀. Ọ̀nà tí ó rọrùn ni kí a ní kí alálàá ṣàpèjúwe gbajúmọ̀ náà fún ẹni tí kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, lẹ́yìn náà kí a bi í pé ta ni ó tún rí bẹ́ẹ̀ nínú ayé rẹ̀. Bí ìdáhùn bá wá láti ẹnu alálàá, ìtumọ̀ ní ẹsẹ̀ tí yóò fi dúró. Bí atúmọ̀ bá fi tipátipá fún un, kò ní.

Àwọn kan tún máa ń sọ pé kò sí àjèjì kankan lójú àlá, pé gbogbo ojú tí a rí níbẹ̀ ni a ti rí rí. Kò sí bí a ṣe lè dán èyí wò, nítorí alálàá nìkan ni ó rí ojú náà, ìrántí rẹ̀ lẹ́yìn jíjí sì lè ti yí i padà.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé àjèjì lójú àlá lè jẹ́ ẹni tí a rán sí alálàá: ọ̀tá, aláìsí, tàbí ọkọ ọ̀run tí ó ń bá obìnrin lò. Irú ìtumọ̀ yìí ń wo òde, ibi tí ti Freud àti Jung ń wo inú. Ewu tí ó wà níbẹ̀ ni pé ojú àjèjì lè jọ ti aládùúgbò tàbí ìyàwó bàbá, kí ẹ̀sùn sì ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Àwọn àgbà kan fúnra wọn gbà pé ọ̀tá lè gbé àwọ̀ ẹlòmíràn wọ̀ lójú àlá. Ọ̀nà méjèèjì pàdé níhìn-ín: ojú tí a rí lójú oorun kì í ṣe ẹ̀rí tí a fi í dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi lójú ayé.